Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Àlájà Kí N Tó Lọ Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Ojú

Ọmọ ọdún 56 ni mí nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ọdún 19 ni mo ti fi ń wa bọ́ọ̀sì fún iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, Ìbàdàn sí Èkó, Ìbàdàn sí Ìlọrin, nígbà mìíràn Ìbàdàn sí Òrè títí wọ Bìní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ lẹ́tà gbàyè nítorí ojú yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún mi nígbà tí mo kọ èkíní. Nígbà tí mo kọ èkejì, wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko pẹ̀lú owó oṣù mi, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ méjì iṣẹ́ jẹ́jẹ́ lé e. Ojú kan náà ni, iléeṣẹ́ kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ láàárín lẹ́tà méjèèjì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀.

Iná ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé ojú mi ti ń yí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú á fọ́n ká lójú mi, á gbalẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn da epo sórí omi, n kò sì ní mọ ibi tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú iná yẹn. Mo rò pé gíláàsì iwájú ló dọ̀tí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń ní kí kọ̀ndọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ kó lọ nù ún, tí yóò nù ún tán, tí kò sì ní yí padà. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ alẹ́ mi ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú àwọn dírẹ́bà tí ọjọ́ orí wọn kéré. N kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí wọ́n bá gbọ́ pé ojú dírẹ́bà kan kò ríran dáadáa, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì ní dá a padà mọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, kò sẹ́ni tí mo lè bá pààrọ̀ nítorí èrò pọ̀. Mo ń bọ̀ láti Èkó lálẹ́, a ti kọjá Ṣágámù, a ń sún mọ́ Ògèrè. Tírélà kan bà jẹ́ sójú ọ̀nà, kò tan iná kankan, ewé tí wọ́n já sẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló fi hàn pé nǹkan wà níbẹ̀. Kọ̀ndọ́ mi ló kígbe. Mo tẹ bíréèkì, bọ́ọ̀sì fì, ó sì dúró. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, apá mi gùn ju àyè tó wà láàárín ọkọ̀ wa àti ìdí tírélà yẹn lọ. Mo gbé ọwọ́ lé irin rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Nígbà tí a padà wọ ọkọ̀, obìnrin kan tó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ ṣeun o.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn ní òru ọjọ́ náà, nítorí èmi mọ̀ pé n kò rí tírélà náà rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n ní kí n jókòó níwájú pátákó tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, kí n fi ọwọ́ bo ojú kan, kí n ka lẹ́tà pẹ̀lú ìkejì. Ojú òsì mi ka dé 6/12. Lẹ́tà ńlá tó wà lókè pátápátá nìkan ni ojú ọ̀tún rí, wọ́n sì kọ 6/60 síwájú rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé ohun tí ẹni tójú rẹ̀ dá lè rí láti mítà 60, àfi kí èmi sún mọ́ ọn dé mítà 6 kí n tó rí i. Ó kán oògùn tó mú kí ọmọlójú mi fẹ̀, ó tan iná sí i, ó wá ní kàtáráàtì ni. Ó ní lẹ́ńsì kan wà nínú ẹyinjú ẹnikẹ́ni, tó yẹ kó mọ́ gaara bí omi inú ife. Tèmi ti di funfun bí ẹ̀kọ mímu. Oògùn kíkán kan kò lè yọ́ ọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí wọ́n fi lẹ́ńsì oníke sípò rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo kọ lẹ́tà èkíní. Mo ṣì rántí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: “Ọ̀gá, ojú ń dà mí láàmú, wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbàyè díẹ̀ kí ara mi lè yá. Ẹ ṣàánú mi.” Ó tán. Mánéjà kà á lójú mi, ó wojú mi, ó ní, “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ wọlé láàárọ̀ yìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọn tí òun mọ̀ tó ṣe irú rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó kọ “ọjọ́ mẹ́ta” sí etí ìwé náà, ó sì fọwọ́ sí i.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ronú dáadáa, mo rí i pé kò sí ohun tí mo sọ fún ọkùnrin náà tó lè fi ṣe ìpinnu. “Díẹ̀” kì í ṣe iye ọjọ́. “Kí ara mi lè yá” kò sọ ìgbà tí yóò yá. Àánú ni mo ń bẹ̀, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àánú sì gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n tí wọ́n bá bù fún un.

Bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní páàkì ló là mí lójú. Ó ka lẹ́tà mi, ó ní, “Kí ni o kò ní lè ṣe, títí di ọjọ́ wo? Lọ bi dókítà rẹ kí o tó tún kọ ohunkóhun.” Ó tún fa ìwé Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà yọ, ó fi abala 16 hàn mí. Ó wà níbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró fún ìgbà díẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá ti jẹ́rìí sí àìsàn náà. Ọdún 19 ni mo ti ṣe níbi iṣẹ́ yìí, n kò mọ̀ ọ́n rí. Bàbá wá kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi òfin bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mi. Ó ní kí n fi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí òfin wà nínú rẹ̀ bí egungun ṣe ń wà nínú ẹran.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo mú bírò àti ìwé dání. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n sinmi. Ẹ sọ ohun tí dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ ṣe, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé. Ó ní ojú tí wọn yóò là sí ẹyinjú mi kò ní ju mìlímítà mẹ́fà sí méje lọ, wọn kò sì ní fi òwú rán an. Bí wọ́n ṣe máa gé e ni pé agbára omi inú ẹyinjú fúnra rẹ̀ ni yóò máa tì í pa títí yóò fi jinná. Nítorí náà, bí mo bá gbé ẹrù wúwo, tí mo tẹ̀ ba tí orí mi lọ sísàlẹ̀, tàbí tí mo fi agídí tú nọ́ọ̀tì táyà, agbára yẹn á lé sókè, ojú ọgbẹ́ sì lè ṣí kó máa jo. Mo ro ìgbà mélòó ni mo máa ń bá kọ̀ndọ́ gbé àpò gàrí sí búùtù ní ọjọ́ kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó tún ní eruku àti ọwọ́ tó dọ̀tí ni òun bẹ̀rù jù. Kòkòrò lè gba ojú ọgbẹ́ wọ inú ẹyinjú, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, wákàtí ló máa ń kà, kì í ṣe ọjọ́. Ó ní bí ojú bá ń dùn mí síwájú sí i dípò kó máa dínkù, bí ó bá ń pọ́n sí i, tàbí bí ìríran tó ti mọ́ bá tún ń ṣú padà, kí n wá lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ òru. Ìyẹn ni pé n kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí Ìbàdàn nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ká má tíì sọ pé kí n wà ní Bìní lálẹ́.

Ohun tó kẹ́yìn ló yà mí lẹ́nu. Ó ní ojú mi lè mọ́ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kò ní tíì ṣe é wa ọkọ̀ èrò. Gígé tí wọ́n gé e yóò yí bí iwájú ẹyinjú ṣe tẹ̀ padà díẹ̀, yóò sì máa yí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ títí ọgbẹ́ yóò fi jókòó. Bí wọ́n bá gbẹ́ awò ojú fún mi ní ọ̀sẹ̀ kejì, awò náà lè má bá ojú mi mu mọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹfà ni wọn yóò tún yẹ̀ mí wò, tí wọn yóò fún mi ní awò, tí wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé bóyá mo lè padà sídìí sítíárìn.

Ìgbà tí mo gbọ́ gbogbo èyí ni mo tó yan ọjọ́. Ilé ìwòsàn fún mi ní àyè láti yàn láàárín ìparí oṣù Kìíní àti oṣù Kẹta. Mo mú kàlẹ́ńdà. Ìtùnnù ààwẹ̀ yóò bọ́ sí ìparí oṣù Kẹta, ìgbà tí páàkì máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mi á pé kí èrò ìtùnnù tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejì náà ni èrò máa ń dínkù jù. Àǹfààní tèmi àti ti iléeṣẹ́ bọ́ sójú kan, mo sì mọ̀ pé mo ti rí ohun tí n óò kọ.

N kò kọ èyí sí mánéjà. Àlájà tó ni iléeṣẹ́ ni mo kọ ọ́ sí, mo sì fi ẹ̀dà kan fún mánéjà kó má bàa dà bíi pé mo fò ó ru. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, nítorí Yorùbá ni Àlájà máa ń bá wa sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní bọ́ọ̀sì méjì péré. Ọmọbìnrin mi bá mi tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni ó lọ:

“Àlájà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó wa. Mo ń kọ̀wé yìí láti gbàyè fún iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún mi, tí wọn yóò ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kejì, 2025. Ìwé dókítà wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.

Kí n má fi ohunkóhun pamọ́ fún yín, ojú yìí kò ríran dáadáa mọ́, pàápàá lálẹ́. Bí bọ́ọ̀sì bá ń sáré kìlómítà 90 láàárín wákàtí kan, mítà 25 ló ń lọ kí ènìyàn tó ka ení. Ohun tó yẹ kí n rí láti òkèèrè, ìgbà tó bá sún mọ́ ni mo ń rí i. Láti òní lọ títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo bẹ̀ yín kí ẹ fi mí sí iṣẹ́ ọ̀sán nìkan, Ìbàdàn sí Ìlọrin. Bí ẹ bá sì rí i pé kí n má wa ọkọ̀ rárá, mo fara mọ́ ọn.

Láti 4 oṣù Kejì títí di 3 oṣù Kẹta, n kò ní lè wa ọkọ̀, n kò ní lè gbé ẹrù, n kò ní lè tẹ̀ ba sídìí táyà, n kò sì gbọ́dọ̀ kúrò ní Ìbàdàn. Ọjọ́ iṣẹ́ 24 ni, bí a bá ka Ajé dé Àbámẹ́ta. Mo fẹ́ kí ẹ ka 12 àkọ́kọ́ sí ìsinmi àìsàn tí òfin iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́, tí yóò parí ní ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kejì. Kí ẹ wá ka 12 tó kù sí ìsinmi ọdọọdún tèmi ti ọdún yìí, tí n kò tíì fọwọ́ kàn.

Láti 4 sí 18 oṣù Kẹta, mo lè jókòó sí wíńdò tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù sílẹ̀, bí ẹlòmíràn bá ń bá mi gbé ẹrù náà. Mo mọ orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ wa àti owó wọn.

Ní 18 oṣù Kẹta, dókítà yóò tún ojú mi yẹ̀ wò, yóò sì fún mi ní awò ojú. Ìwé tí ó bá kọ ni n óò mú wá fún yín. Bí ó bá ní mo lè wa ọkọ̀, n óò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹta, kí èrò ìtùnnù tó pọ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi mí sí ọ̀sán nìkan ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí ó bá ní kò tíì yá, n kò ní fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, n óò sì wá bá yín kí á jọ sọ ọ́.

Dírẹ́bà tó ń gba ọkọ̀ mi lọ́sàn-án ti gbà láti máa wa iṣẹ́ mi títí n óò fi dé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́.”

Àlájà ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ kẹta. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì, wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí mo ti sọ pé n kò fi ohunkóhun pamọ́. Mo ti múra pé wọn yóò bá mi jà lórí ìyẹn. Wọ́n ní, “Ó ti tó ọjọ́ mélòó?” Mo ní ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Ó yẹ kí o ti sọ fún mi.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ má bínú, Àlájà, iṣẹ́ ni mo ń bẹ̀rù kó má bọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ tírélà Ògèrè fún wọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbá orí mú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi mí sí wíńdò tíkẹ́ẹ̀tì títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ohun tí mo ti ń sá fún láti oṣù mẹ́jọ ni, ọkàn mi sì fúyẹ́ nígbà tí ó dé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n tún bi mí: kí ló dé tí ẹni tó ń ta aṣọ fi padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ kan, tí èmi fi ní mẹ́fà? Mo ní ẹni tó ń ta aṣọ, bí ojú rẹ̀ bá ṣì ń tàn án díẹ̀, yóò sún mọ́ aṣọ náà. Èmi kò lè sún mọ́ ohun tó wà lójú ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà náà, wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ìwé dókítà ọjọ́ 18 gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn kí n tó gba ọkọ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà kò pẹ́ rárá. Wọ́n wọn ìfúnpá mi àti ṣúgà mi, wọ́n fi bírò sàmì sókè ojú ọ̀tún kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í ṣe. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ibẹ̀ kú. N kò sùn. Mo ń rí iná bí ìgbà tí ènìyàn wà lábẹ́ omi, mo ń gbọ́ ohùn dókítà tó ń sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tó fẹ́. Wọ́n dì í, mo sì lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì tú u. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni léèsì tí ìyàwó mi wọ̀. Mo ti máa ń pè é ní léèsì aláwọ̀ ìyẹ̀fun ẹ̀lùbọ́. Funfun ni, funfun báláú! Mo di ojú ọ̀tún, mo fi tòsì wò ó, ó tún pọ́n résúrésú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ojú òsì náà ti ń di, àti pé n kò mọ àwọ̀ ohunkóhun mọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Oògùn méjì ni mo ń kán, ọ̀kan fún kòkòrò, èkejì fún wíwú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ ni ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì ń dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi pé. Bí mo ṣe ń fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí n tó fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, kí n kán ẹyọ kan, kí n dijú, kí n dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó kán èkejì, mo máa ń ro bí n kò bá ṣe lè ṣe èyí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ògèrè pẹ̀lú ọwọ́ epo dísẹ́ẹ̀lì. Lálẹ́, mo ń lẹ ìbòjú oníke mọ́ ọn kí n má bàa fi ọwọ́ ra á lójú oorun. Nítorí pé n kò gbọ́dọ̀ fi orí kanlẹ̀, ààfáà wa ní kí n máa kírun lórí àga. Ó ṣòro fún mi ju àìwakọ̀ lọ. Ọdún mélòó ni mo ti ń forí kanlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ mú mi ṣìnà. Ojú kò dùn mí mọ́. Mo ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti òkè ilé wa. Dírẹ́bà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí, ó ní èrò Ìlọrin pọ̀, ó ní bóyá kí n yọjú fún ìgbà kan péré. Mo ti ń wọ ṣòkòtò. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn ilé wa, mo gbé ẹsẹ̀ síbi tí mo rò pé àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn wà, ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ gbá ògiri mú. Ojú ọ̀tún ń rí ilẹ̀ gaara, ojú òsì ń rí i bàìbàì, orí mi kò sì tíì mọ èyí tí yóò gbàgbọ́. Tí mo bá ṣì àtẹ̀gùn tó wà níwájú ẹsẹ̀ mi, báwo ni n óò ṣe mọ bí ọkọ̀ tí mo fẹ́ yà kọjá ṣe jìnnà tó? Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, mo pè é padà, mo ní rárá. Ó rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ọjọ́ wà nínú lẹ́tà, Àlájà sì ti fọwọ́ sí i. Ká ní “díẹ̀” ni mo kọ ni, ìgbà yẹn ni díẹ̀ ìbá ti pé.

Ní 4 oṣù Kẹta, mo padà sí wíńdò tíkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun mìíràn tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Mo ń rí bọ́ọ̀sì tó ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà páàkì, mo ń ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè ka owó tí mo mú lọ́wọ́. Lẹ́ńsì tí wọ́n fi sójú mi, òkèèrè ni wọ́n ṣe é fún. Lẹ́ńsì tí a bí mọ́ ènìyàn ló ń fẹ̀ tó ń súnkì láti wo ohun tó wà nítòsí, lẹ́ńsì oníke kì í súnkì. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mo gun bọ́ọ̀sì tó dúró, mo jókòó sídìí sítíárìn láìtan án. Ojú ọ̀nà mọ́ kedere níwájú. Nígbà tí mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù, n kò rí nọ́ńbà ìsáré, n kò rí ọ̀pá epo, iná ooru ẹ́ńjìnnì sì kàn jẹ́ àmì pupa kan lásán. Mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo padà rí dókítà ní 18, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ sọ fún un. Mo fi ọwọ́ wọn bí dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe jìnnà sí ojú mi, ó sì gbẹ́ awò alápá méjì fún mi: òkè rẹ̀ fún ojú ọ̀nà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún dáṣíbọ́ọ̀dù àti ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ wọn àyè yẹn kí ẹ tó lọ, nítorí awò tí wọ́n ń gbẹ́ fún kíka ìwé kò bá dáṣíbọ́ọ̀dù bọ́ọ̀sì mu. Dáṣíbọ́ọ̀dù jìnnà ju ìwé lọ.

Pẹ̀lú awò náà, ojú ọ̀tún ka 6/6. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé mo lè wa ọkọ̀ lọ́sàn-án, kí a fi òru sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo mú ìwé náà fún Àlájà ní Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹta, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo sì kó èrò 18 lọ sí Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ ní oṣù méjì ṣáájú.

Ojú òsì ló kù. Kò tíì dí tó èkíní, dókítà sì ní ó lè dúró di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Èmi náà ti ṣírò rẹ̀: ọjọ́ 12 tí òfin fún òṣìṣẹ́ fún àìsàn, ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á fún, mo sì ti lo ti ọdún 2025 tán. Nítorí náà oṣù Kìíní 2026 ni mo bá ilé ìwòsàn sọ. Ọmọbìnrin mi ti tẹ lẹ́tà náà, mo sì ti sọ fún Àlájà láti ìsinsìnyí. A ti kọ awò alápá méjì sínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, a sì ti fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí wọn yóò fún wa.